Ọwọ́ Tó Gbọ̀n, Ìlà Tó Sọnù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fọ́tò tí ọwọ́ gbọ̀n nígbà tí wọ́n ń yà á ti bàjẹ́ nìyẹn, bí ìwé tí ènìyàn fi àtàǹpàkò ra yíǹkì rẹ̀ kó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n yíǹkì tó ra kò ní ìlànà, ọwọ́ tó gbọ̀n ní. Láàárín ìgbà tí ojú kámẹ́rà là sí padé, ọwọ́ rin ipa kan, gbogbo ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú kámẹ́rà sì ya ipa kan náà sórí fọ́tò. Àìmọye ẹ̀dà àwòrán kan ṣoṣo ló gun ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀ sí èkejì. Ẹni tó bá mọ ipa tí ọwọ́ rìn lè ṣe ìṣirò náà padà sẹ́yìn. Dikọnfolúṣọ̀n ni à ń pe ìṣirò yìí, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe fọ́tò.

Kì í ṣe bọ́tìnnì tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ láti mú fọ́tò “mú” o. Ìyẹn kàn ń mú kí dúdú àti funfun ẹ̀gbẹ́ nǹkan yàtọ̀ sí i ni. Bí etí ènìyàn bá di méjì nítorí ọwọ́ tó gbọ̀n, yóò bá ọ mú etí méjèèjì hàn kedere.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣàlàyé. Níbi ìdána kan, ilẹ̀ ti ṣú, iná ti lọ, wọ́n tan làǹtánì oníbátìrì. Ọmọ ilé kan ya ìyá àgbà ní fọ́tò láìlo fíláàṣì, pẹ̀lú lẹ́ńsì mìlímítà 50, ojú kámẹ́rà sì là fún 1/10 ìṣẹ́jú àáyá. Òfin àtijọ́ láàárín àwa ayàwòrán ni pé lẹ́ńsì 50 kò gbọdọ̀ pẹ́ ju 1/50 lọ bí a bá fi ọwọ́ gbé e. Ìyá àgbà wọ léèsì olókùúta, ó sì fi aṣọ òkè onílà tóóró ṣe ìborùn, tí àwọn ìlà náà wá láti òkè sí ìsàlẹ̀.

Òkúta ara léèsì ló gbà mí. Òkúta kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà kò jù ẹ̀kán kan lọ, nítorí náà ohunkóhun tó bá dà nínú fọ́tò, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Nígbà tí mo fẹ àwòrán náà, mo rí i pé gbogbo wọn ti di ìkọ́ kékeré: ìlà gbọọrọ tó nà lọ sí ọ̀tún ní nǹkan bí píksẹ́lì 14, tó wá tẹ̀ sókè díẹ̀ ní ìparí. Ìdí ìkọ́ náà mọ́lẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, torí pé ọwọ́ ti dúró díẹ̀ níbẹ̀ kó tó yọ̀. Mi ò mú òkúta tó mọ́lẹ̀ jù. Èyí tó ti funfun dé góńgó kò lè sọ ibi tí ọwọ́ ti pẹ́ àti ibi tó ti sáré. Èyí tó rọra ń dán ni mo gé jáde, mo yọ òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, mo sì fi ṣe ipa ọwọ́.

Ìṣirò tí mo lò jẹ́ ti Richardson, tó gbé e jáde ní 1972, àti ti Lucy, tó tún ṣàwárí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1974. Kọ̀ǹpútà á fojú inú wo bí àwòrán tó mọ́ ṣe rí, á gbọ̀n án ní ipa ọwọ́ yẹn, á fi wé fọ́tò tó wà nílẹ̀, á wá fi ìyàtọ̀ rẹ̀ tún èrò rẹ̀ ṣe. Á tún bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ wọ̀ kó lè dùn ún wò, ìṣirò kò sì ní bá a mu bí a kò bá kọ́kọ́ tú títẹ̀ náà. Nínú èyí, x ni fọ́tò, k sì ni ipa ọwọ́ tí a gé láti inú f:

```
from skimage.restoration import richardson_lucy
f = x ** 2.2
k = k / k.sum()
y = richardson_lucy(f, k, num_iter=20)
```

Níbi tí a ó dúró sí ni ọgbọ́n wà. Ní ìgbà mẹ́wàá, ẹyinjú ìyá àgbà ti yọ, ilà ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Ní ogún, ó dára. Nígbà tí mo jẹ́ kó dé ọgọ́rin, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ hu èérún bí ẹni da gààrí sí i, ìgbì tín-tìn-tín sì ń tẹ̀lé etí gèlè rẹ̀ yíká. Èérún tí òkùnkùn ti fi sínú fọ́tò ni ìṣirò ti rò pé ó jẹ́ ara àwòrán. Kí n tó gbà pé ipa ọwọ́ mi tọ́, mo máa ń tún àbájáde gbọ̀n ní ipa yẹn, màá sì fi yọ kúrò lára fọ́tò àkọ́kọ́. Èérún lásán ló yẹ kó ṣẹ́ kù. Bí mo bá rí ojú ènìyàn nínú àṣẹ́kù, irọ́ ni ipa náà. Ní igun fọ́tò yìí lókè, àṣẹ́kù ya ojú ìlẹ̀kùn kedere, torí pé ọwọ́ kò yọ̀ nìkan, ó tún yí díẹ̀, ìkọ́ ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àárín. Mo ní láti wá ipa mìíràn fún ibẹ̀.

Àfi ìborùn. Lójú fọ́tò, ìlà dúdú kan àti funfun kan, tí a bá kà wọ́n pọ̀, gba píksẹ́lì 14, bákan náà pẹ̀lú ibi tí ọwọ́ rìn dé. Ìyẹn ni pé gbogbo ojú kan lára aṣọ náà gba dúdú odindi kan àti funfun odindi kan, gbogbo rẹ̀ sì di eérú. Ká ní ọwọ́ rìn geere láìdúró, òdo gan-an ni ìyàtọ̀ wọn ì bá jẹ́. Ìdúró díẹ̀ tó ṣe fi ìyókù bíńtín sílẹ̀, ṣùgbọ́n èérún bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ibi tí aṣọ náà ti ṣẹ́ po ní èjìká. Ìlà ibẹ̀ fún pọ̀ di píksẹ́lì 10, ó sì hàn nínú fọ́tò! Àmọ́ òdì ni: dúdú wà níbi tí funfun yẹ kó wà, ìyàtọ̀ wọn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Dikọnfolúṣọ̀n yí i padà sí ipò rẹ̀ láìjanpata. Ohun tó dojú dé ṣeé yí padà. Èyí tó di òdo, kí la ó fi òdo pín?

Àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run náà bá irú ìṣòro yìí pàdé. Nígbà tí awò ojú ọ̀run Hubble gòkè ní 1990 tí ìrísí dígí rẹ̀ kò tọ́, ìràwọ̀ ni wọ́n fi ṣe òkúta léèsì tiwọn, ìṣirò Richardson àti Lucy yìí kan náà sì wà lára ohun tí wọ́n lò títí wọ́n fi lọ tún un ṣe ní December 1993. Ó ṣe bẹbẹ lórí ohun tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tó ṣókùnkùn kò rí ìrànwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 2006, Raskar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: kámẹ́rà tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ lemọ́lemọ́, láìdọ́gba, bí ó ti ń ya fọ́tò, kí ìlà kankan má baà di òdo. Kámẹ́rà tó wà nílé yẹn kò ní irú rẹ̀.

Ìyá ìyàwó wo àbájáde, inú rẹ̀ dùn sí ojú ìyá rẹ̀, ó wá fi ìka sí ìborùn. “Ọmọ mi, èyí ńkọ́? Ìlà wà lára ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.”

“Mọ́mì, kò sí nínú fọ́tò mọ́. Bí mo bá fi í síbẹ̀, èmi ni mo yà á.”

Ó rò ó díẹ̀, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kó jẹ́ 16 lórí 20. Mo ní kó mú 8 lórí 10, torí pé fọ́tò náà fẹ̀ tó píksẹ́lì 4,000; lórí ínṣì mẹ́wàá, ìgbì tó ṣẹ́ kù létí gèlè kò tó ohun tí ojú lè rí.