Níbo Ni Síláìdì Difẹ́nsì Ti Ń Sán? Lámèyítọ́ Lórí Pírójẹ́ẹ̀tì Àṣekágbá Ẹnjiníà

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú kíláàsì lókè rẹ̀. Ogún ènìyàn ló kú. Láti ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ìkọ́lé tó bá fẹ́ ṣe pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá lórí agbára kọnkéré ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í wá ọ̀rọ̀ ìṣíde jìnnà. Àwòrán àlàpà, ọjọ́ tó wó, iye àwọn tó kú: síláìdì kan ti délẹ̀ nìyẹn, gbogbo yàrá á sì dákẹ́. Lẹ́yìn síláìdì yẹn ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Orí márùn-ún ni ìwé pírójẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní: ìfáárà, àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn aṣáájú, ọ̀nà ìṣe, èsì pẹ̀lú ìjíròrò, ìkádìí pẹ̀lú àbá. Bí ọjọ́ difẹ́nsì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣí ìwé yìí, á máa gé e láti òkè wá sílẹ̀, á sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni wọ́n sábà ń fún un. Ìfáárà á jẹ mẹ́rin níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn aṣáájú á jẹ mẹ́ta. Kó tó dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ kan ògiri, alága ìgbìmọ̀ á ti sọ pé, "Ó ti tó, lọ sí èsì rẹ." Àbùkù yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, inú ètò náà ló ti wá. Ìwé ni àwọn olùdánwò mú dání, wọ́n lè ṣí i sí orí kejì nígbà tó bá wù wọ́n. (Àwọn tí kò tíì kà á ń ṣí i lọ́wọ́ bí ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀.) Ohun tí wọn kò lè rí nínú ìwé ni bóyá ẹni tó dúró síwájú wọn mọ ohun tó ṣe.

Síláìdì àkọlé kò gba àlàyé púpọ̀: orúkọ iṣẹ́, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, orúkọ alámòójútó, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́, oṣù àti ọdún. Èyí tó sábà ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń to gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sí, ṣeé yọ sọnù. Kò sí olùdánwò tí kò mọ̀ pé ìfáárà ló ń ṣáájú ìkádìí.

Síláìdì ìṣòro ni ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan tí a ro kalẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ: ilé alájà mẹ́ta ní agbègbè Ìdúmàgbò, tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọ́n gbé àjà kan lé lórí lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ọ tán, tí kò sì sí ẹni tó rí pílánì rẹ̀ mọ́. "Ilé ń wó ní Èkó" kì í ṣe ìṣòro tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè yanjú. Èyí tó lè yanjú ni pé kò sí ẹni tó mọ agbára kọnkéré tó wà nínú òpó ìsàlẹ̀ ilé yìí, àwọn òpó náà sì ti ń gbé ẹrù tí wọn kò ṣe wọ́n fún. Àfojúsùn á wá jáde láti inú rẹ̀, kó má ju mẹ́ta lọ: láti fi òòlù Schmidt wọn òpó mẹ́jọ ní ìsàlẹ̀ ilé, láti wọn bí afẹ́fẹ́ ti wọ inú kọnkéré wọn jìn tó, láti fi èsì wé 20 N/mm², òṣùwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn fún iṣẹ́ náà. "Láti mọ̀ nípa", "láti ní òye", gbogbo irú ìyẹn kì í ṣe àfojúsùn, nítorí kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wò ó kó sọ bóyá ọmọ náà ṣe é tàbí kò ṣe é. Àwọn olùdánwò tó gbọ́n máa ń kọ àfojúsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ bébà, wọ́n á sì máa dúró de ibi tí èsì mẹ́ta á ti jáde.

Iṣẹ́ àwọn aṣáájú kò yẹ kó ju síláìdì kan lọ: ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ti ṣe irú rẹ̀, àti ohun tí wọn kò tíì ṣe.

Síláìdì ọ̀nà ìṣe ni ìgbìmọ̀ fi ń mọ ẹni tó lọ sí ilé náà yàtọ̀ sí ẹni tó rán ènìyàn lọ. Òòlù Schmidt kì í fọ́ nǹkan. Sípíríńgì inú rẹ̀ máa ń ju irin kan lu ọ̀pá tó kan kọnkéré, irin náà á sì ta padà. Bó bá ṣe ta padà tó ni nọ́ńbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sílẹ̀. Ní ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, a kò lè lù ú lórí pílásítà. Ó di dandan kí wọ́n ha pílásítà kúrò títí kọnkéré á fi hàn, kí wọ́n fi òkúta tó ń bá òòlù náà rìn dán ojú rẹ̀. Ìlànà ASTM C805 ní kí wọ́n lù ú ní ojú mẹ́wàá ní ibi kan, kí ojú kan sì jìnnà sí èkejì tó mílímítà 25, ó kéré tán. Fọ́tò òpó tí wọ́n ti ha, pẹ̀lú àmì ojú mẹ́wàá tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ṣe sí i, ní ìwúlò ju ìpínrọ̀ mẹ́ta lọ lórí síláìdì yìí. Ẹni tó ní fọ́tò ògiri tó ní ọ̀dà lára nìkan ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Èsì wá dé. Ká ní òpó kan mú 31, 33, 30, 32, 34, 31, 45, 32, 30 àti 32 wá. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 33. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kan náà ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà tó bá fi ju 6 lọ yàtọ̀ sí ìpíndọ́gba. Tó bá ju méjì lọ nínú mẹ́wàá, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. 45 fi 12 ju 33 lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí òkúta gíráníìtì ni òòlù náà bà sí. A yọ ọ́, mẹ́sàn-án tó kù mú 31.7 wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé 31.7 nìkan sójú síláìdì kò parọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbé apá tó dùn jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Kó fi nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá hàn, kó fa ìlà sórí 45, kó sọ ìdí rẹ̀. Ìbéèrè kan kú nìyẹn kí wọ́n tó bi í.

Èyí tó le jù ṣì wà lẹ́yìn. Ojú kọnkéré ni òòlù náà ń wọn, kì í ṣe inú rẹ̀. Nínú ilé tó ti gbó, kábọ́nì-dáyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ ti ń wọ kọnkéré díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń sọ ẹfun inú rẹ̀ di ohun tó le bí òkúta, ojú kọnkéré á sì gan. Òòlù á wá gbé nọ́ńbà ńlá jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ojú rẹ̀ le yìí gan-an ló ń bọ́ ààbò kúrò lára irin inú òpó, ìpẹta á sì rí ọ̀nà wọlé, pàápàá ní etí ọ̀sà tí iyọ̀ kò jìnnà. Nítorí náà, nọ́ńbà tó dára lórí òpó ogójì ọdún lè jẹ́ ìkìlọ̀. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò nira: wọ́n á ṣẹ́ kọnkéré díẹ̀, wọ́n á fọ́n finọ́fítálíìnì sí ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ibi tó bá pọ́n bí òdòdó, afẹ́fẹ́ kò tíì dé ibẹ̀. Ibi tí kò bá pàwọ̀ dà, ó ti dé. Bí ìwọ̀n ibi tí kò pàwọ̀ dà bá jẹ́ mílímítà 22, tí kọnkéré tó bo irin sì jẹ́ 25, àlàfo tó kù kò ju 3 lọ. Síláìdì yìí ló yẹ kó gba ìṣẹ́jú méjì odindi, òun ni ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá.

Àkọlé tí wọ́n ń fún un tún ń bà á jẹ́. "ÈSÌ ÀTI ÌJÍRÒRÒ" kò sọ ohunkóhun. Michael Alley, ọ̀gá nínú ẹ̀kọ́ bí ẹnjiníà ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò, dábàá pé kí àkọlé síláìdì jẹ́ gbólóhùn tó pé, kí àwòrán ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé irin nínú òpó kẹta." Olùdánwò tó sùn tí ó jí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni èyí, kó rántí ọkọ̀ òfuurufú Columbia. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, àwọn ẹnjiníà fi síláìdì ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá NASA bóyá fóòmù tó já lu apá ọkọ̀ òfuurufú náà lè ṣe é ní jàǹbá. Àkọlé síláìdì kan fọkàn wọn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà kékeré, ló wà pé fóòmù náà tóbi ju èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò lọ ní ìlọ́po 640. Ọkọ̀ náà fọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, àwọn méje inú rẹ̀ sì kú. Edward Tufte tú síláìdì náà palẹ̀ lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ tó ṣe ìwádìí jàǹbá náà sì fi àlàyé rẹ̀ sínú ìròyìn wọn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló wà.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa ni ibi tí ìwọ̀n mọ. Bí wọn kò bá gé kọnkéré láti inú òpó lọ fọ́ ní ilé-ìdánwò láti fi tọ́ òòlù sọ́nà, àṣìṣe rẹ̀ lè tó 25 nínú 100. Òpó tí òòlù sọ pé ó jẹ́ 24 N/mm² lè jẹ́ 18, ó lè jẹ́ 30. Òṣùwọ̀n tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn sì jẹ́ 20. Ẹni tó kọ "ó yege" sí iwájú 24 ti sọ ohun tí kò mọ̀. Síláìdì ibi tí iṣẹ́ mọ kì í ṣe ìtọrọ àforíjì, kò sì yẹ kó wà lẹ́yìn àbá: ẹ̀gbẹ́ èsì ni àyè rẹ̀.

Ìkádìí á dáhùn àfojúsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbólóhùn mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́ńbà. Síláìdì "Ẹ ṣeun" kò wúlò. Ẹnu ni a fi ń dúpẹ́. Síláìdì ìkádìí ni kó wà lójú ògiri nígbà ìbéèrè, nítorí ó lè wà níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́jú àwọn tí kò ní fi hàn àfi bí wọ́n bá bèèrè: tábìlì òpó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìṣirò, àwọn fọ́tò tó kù. Kó sì ní gbogbo rẹ̀ nínú PDF àti lórí bébà, nítorí iná ọba.

Ẹ̀yin ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń pín àwòṣe síláìdì fún àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá, ẹ dín ìfáárà kù sí méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà ìṣe àti èsì gba ìdajì gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè fún ibi tí ìwọ̀n mọ kún un kí sáà difẹ́nsì tó ń bọ̀ tó dé.