Abẹ́rẹ́ Àárín Ẹnu Ṣájà

Obìnrin tó gbé laptọ́ọ̀pù Dell náà wá sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà fi ọwọ́ kan iná kékeré ara ṣájà rẹ̀. "Ẹ wò ó, ó ń tàn. Àmọ́ bátìrì ò kúrò lórí 7." Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì atúnṣe náà, mo sì rí i pé atúnṣe náà ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan laptọ́ọ̀pù rárá.

"Iná yìí ń sọ fún wa pé iná NEPA ti dé inú àpótí ṣájà, àpótí sì ń ṣiṣẹ́ dé àyè kan, mà," ló fèsì. "Kò sọ ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀."

Ó ki ẹnu ṣájà bọ ihò, ó sì tẹjú mọ́ iná náà. Ká ní ó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á jẹ́ pé wáyà kan ti ń kan èkejì nínú laptọ́ọ̀pù, tàbí pé àpótí náà ò lágbára mọ́. Kò kú. Ó fà á yọ, ó sì mú mítà.

Ẹnu ṣájà Dell irú èyí rí roboto, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan sì dúró ní àárín rẹ̀. Ara ẹnu náà lóde ni ọ̀nà àbọ̀ iná. Ògiri rẹ̀ nínú ló ń gbé iná wá. Atúnṣe náà fi ọ̀pá dúdú mítà kan ara òde, ó wá rọra ti ọ̀pá pupa wọlé, ó fi kan ara ògiri inú. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọn. Tí ọ̀pá yẹn bá so ògiri inú pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, ó lè ba ohun tó ń bá laptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀ nínú ṣájà jẹ́. Mítà kọ 19.5, iye fóòtì tí wọ́n tẹ̀ sára àpótí náà gan-an.

Èmi ì bá ti ní ó tán. Ó ní ó kù. Wáyà tó ti já tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo náà á gbé 19.5 dé ojú mítà, nítorí mítà ò gba iná kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ gílóòbù ọkọ̀ akẹ́rù, ti fóòtì 24, látinú dúrọ́ọ̀, ó so ó mọ́ ẹnu ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà kí ṣájà lè rí iṣẹ́ ṣe. Gílóòbù tàn. Ó wá ń tẹ okùn náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, pàápàá níbi tó ti jáde lára àpótí àti níbi tó ti wọ ẹnu, níbi tí okùn máa ń já jù. Iná gílóòbù ò ṣẹ́jú, mítà ò sì já wálẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àárín nìkan ni gílóòbù ò lè yẹ̀ wò. Òun ni laptọ́ọ̀pù fi ń bi ṣájà pé wáàtì mélòó ló jẹ́. Tí kò bá gbọ́ ìdáhùn, ó lè máa lo iná ṣájà láti fi ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní fún bátìrì. Ó ki ṣájà bọ laptọ́ọ̀pù, ó tàn án, ọ̀rọ̀ yìí sì jáde lójú rẹ̀:

```
The AC power adapter wattage and type cannot be determined.
The battery may not charge.
```

Ta ló dákẹ́ nínú àwọn méjèèjì? Ó fi ṣájà obìnrin náà sí Dell mìíràn tó wà lórí tábìlì: bátìrì ń gba iná. Ó fi ṣájà tirẹ̀ sí laptọ́ọ̀pù obìnrin náà: ọ̀rọ̀ kan náà tún jáde. Bó ṣe yọ àpótí àti okùn kúrò nínú ẹjọ́ nìyẹn.

Ó tú àwọn síkúrù ìsàlẹ̀, ó tò wọ́n sórí aṣọ bí wọ́n ṣe wà lára laptọ́ọ̀pù, ó sì yọ wáyà bátìrì kó tó kan ohunkóhun. Ihò ṣájà ò lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù níbí. Wáyà kúkúrú ló so wọ́n pọ̀. Ó yọ ọ́, ó yí mítà sí ibi tó ti ń ké. Àwọn wáyà tó nípọn ké láìdáwọ́ dúró. Ó wá kan wáyà tín-ín-rín tó ti abẹ́rẹ́ wá: ó ké. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ sí apá òsì, nídìí ihò, mítà dákẹ́. Ó jẹ́ kó nà, ó tún ké. Ó ṣe é nígbà mẹ́ta. Ká ní gbogbo wáyà pé ni, bọ́ọ̀dù ni ì bá kàn, iṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn.

Kò jó wáyà náà pọ̀. Ó ní ibi tó ti já yẹn ni ṣájà ti ń tì í lójoojúmọ́, á tún já. Ihò tuntun pẹ̀lú wáyà rẹ̀ ló fi rọ́pò. Nígbà tó tan laptọ́ọ̀pù, kò sí ìkìlọ̀ mọ́. A dúró wò ó títí 7 fi di 8, obìnrin náà sì gbé ṣájà tó gbé wá gan-an lọ sílé.