Ìdí Tí Mo Fi Ń Tú Dítámínáǹtì Dé Òpin

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ ṣe ìṣirò mátíríìsì onílà mẹ́ta, olópòó mẹ́ta, ló máa ń wá bí wọ́n ṣe máa yẹ ibi tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ibi tí a ti ń tú dítámínáǹtì títí yóò fi di pólínómíà ìpele kẹta, tí a ó sì máa wá gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó gùn, wọ́n ní àmì ìyọkúrò ibẹ̀ ń ṣini lọ́nà. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà gígùn yìí ló ṣeé fọkàn tán, torí pé gbogbo nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀ ló ní ẹlẹ́rìí tirẹ̀: a lè gba ibòmíràn dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà kan náà, láìtún iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ ká mú mátíríìsì kan, ká fi wò ó.

```
4  1  -1
2  5  -2
1  1   2
```

Nọ́ńbà tí à ń wá, tí à ń pè ní λ, ni èyí tó jẹ́ pé fẹ́kítọ̀ kan wà, tí kì í ṣe òdo, tí mátíríìsì yìí máa ṣiṣẹ́ lé lórí tí kò ní yà kúrò lójú ìlà tó wà, àfi kó di ìlọ́po λ ara rẹ̀. Láti rí i, a ó yọ λ kúrò nínú 4, 5 àti 2 tó wà lórí ìlà ìdábùú, a ó sì ní kí dítámínáǹtì ohun tó kù jẹ́ òdo. Mo máa ń gba ìlà òkè tú u. Ojú àkọ́kọ́ fún wa ní (4 − λ)[(5 − λ)(2 − λ) + 2]. Ẹ dúró díẹ̀ síbi +2 yẹn, torí ibẹ̀ ni wàhálà wà. A fẹ́ yọ −2 × 1 kúrò ni, yíyọ òdì kúrò sì ni ó sọ ọ́ di àfikún. Ohun tó wà nínú àkámọ́ di λ² − 7λ + 12, gbogbo ẹ̀ka àkọ́kọ́ sì di −λ³ + 11λ² − 40λ + 48. Ẹ̀ka kejì, tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, fún wa ní 2λ − 6. Ẹ̀kẹta fún wa ní 3 − λ. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a sì yí àmì rẹ̀ padà kí λ³ lè dá dúró ní rere, ohun tó jáde ni λ³ − 11λ² + 39λ − 45.

Kí a tó wá gbòǹgbò kankan, ìgbà yìí ló yẹ ká pe àwọn ẹlẹ́rìí. 11 gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ ìlà ìdábùú, 4 + 5 + 2, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. 45 gbọ́dọ̀ jẹ́ dítámínáǹtì mátíríìsì náà gan-an, láìsí λ nínú rẹ̀: 48 − 6 + 3. Èyí tó wà láàárín, 39, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò. Òun ni àròpọ̀ dítámínáǹtì kéékèèké mẹ́ta tó jókòó lórí ìlà ìdábùú: 4 pẹ̀lú 5 fún wa ní 20 − 2, ìyẹn 18, 4 pẹ̀lú 2 fún wa ní 8 + 1, ìyẹn 9, 5 pẹ̀lú 2 fún wa ní 10 + 2, ìyẹn 12. Ó pé 39.

Ká ní ẹnì kan ti ṣi àmì yẹn kọ, tó kọ −2 síbi tó yẹ kí +2 wà. Ohun tó máa bá lọ́wọ́ ni λ³ − 11λ² + 35λ − 29. Ẹ rí i pé 11 kò yí padà. Ẹni tó bá fi àròpọ̀ ìlà ìdábùú nìkan yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò máa fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí àṣìṣe, nígbà tí 35 dúró síbẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ 39. Dítámínáǹtì pàápàá lè má gbà wá níbí, torí ẹni tó bá tún ọ̀nà kan náà gbà ṣírò rẹ̀ lè tún àṣìṣe kan náà ṣe, kó sì rí 29 lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ńbà àárín ló máa ń tú àṣírí.

Wíwá gbòǹgbò wá rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Níwọ̀n bí kò ti sí nọ́ńbà kankan níwájú λ³, gbòǹgbò èyíkéyìí tó bá jẹ́ ìdá gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi nọ́ńbà tó pín 45 dọ́gba. Àmì tó ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan tún lé gbogbo nọ́ńbà òdì jáde: bí λ bá jẹ́ òdì, ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa jẹ́ òdì, wọn ò sì lè para pọ̀ di òdo. Ó ku 1, 3, 5, 9, 15 àti 45. 1 fún wa ní −16. 3 fún wa ní 27 − 99 + 117 − 45, òdo nìyẹn. A ó fi λ − 3 pín in, ó ku λ² − 8λ + 15, láìsí ìyókù. Níbí, kí a má ṣe rò pé iṣẹ́ 3 ti tán. Gbòǹgbò kan lè wà lẹ́ẹ̀mejì. (λ − 3)(λ − 5) ló wà nínú ohun tó kù, nítorí náà 3, 3 àti 5 ni gbòǹgbò wa. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 11, ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ 45.

Àwọn kan á ní kò sídìí fún gbogbo èyí. Bí a bá ro òpó kẹta mọ́ ìkejì kí a tó tú u, òpó kejì á di 0, 3 − λ àti 3 − λ. A lè fa 3 − λ jáde lójú ẹsẹ̀, ohun tó kù á sì di (4 − λ)² − 1. Ọ̀nà yìí dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba pé kí ojú rí i, mátíríìsì púpọ̀ ló sì wà tí kò sí ohun tí ojú máa rí nínú wọn. Títú kò béèrè pé kí ojú rí nǹkan kan. Mo máa ń fi ọ̀nà òpó ṣe ẹ̀rí kejì lẹ́yìn tí mo bá ti tú u tán.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni pé gbòǹgbò kì í sábà jẹ́ odidi. Ó rí bẹ́ẹ̀. Mátíríìsì tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 1 1 0, 1 1 1 àti 0 1 0 fún wa ní λ³ − 2λ² − λ + 1. 1 àti −1 nìkan ló yẹ ká dán wò, méjèèjì sì fún wa ní −1. Ohun tí a rí kì í ṣe òfo: ìdánwò méjì péré ti fi hàn gbangba pé kò sí ìdá kankan tó jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 0 ó jẹ́ 1, ní 2 ó jẹ́ −1, ní 3 ó jẹ́ 7, nítorí náà gbòǹgbò kan wà láàárín −1 sí 0, òmíràn láàárín 0 sí 1, ẹ̀kẹta láàárín 2 sí 3. Láti ibẹ̀ lọ, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kì í sì gba ọ̀nà wa. `numpy.roots` tilẹ̀ ń ṣe òdìkejì: ó ń sọ pólínómíà di mátíríìsì, kó tó wá λ rẹ̀. Ìdí tí kì í fi í gba ọ̀nà wa wà nínú àpẹẹrẹ tí James Wilkinson fi hàn, pólínómíà tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 1 dé 20. Nígbà tó yọ 2⁻²³ péré kúrò nínú −210, nọ́ńbà tó wà níwájú x¹⁹, mẹ́wàá nínú gbòǹgbò rẹ̀ kò jẹ́ nọ́ńbà gidi mọ́. Ẹni tó bá ń lo nọ́ńbà tí a ti gé ní ìdí láti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ìpele kẹta tó ní odidi nọ́ńbà, tí a kò gé ohunkóhun nínú rẹ̀, kò ní irú àrùn yẹn.

Ohun kan wà tí pólínómíà wa kò lè sọ. Bí a bá yọ 3 kúrò lórí ìlà ìdábùú mátíríìsì wa, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di ìlọ́po 1 1 −1, èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún fẹ́kítọ̀ méjì tó dá dúró, (1, −1, 0) àti (1, 0, 1). Mátíríìsì tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 3 1 0, 0 3 0 àti 0 0 5 ní pólínómíà kan náà gan-an, nọ́ńbà sí nọ́ńbà; síbẹ̀ ìlà fẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún 3. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ padà sínú mátíríìsì.