Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán

Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní Ore bá ti ṣe àsè alẹ́ ọdọọdún tán, èmi ni wọ́n máa ń kó àwòrán wá bá pé kí n kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ wọn. Ìwé pẹlẹbẹ kan là ń tẹ̀ wọ́n sí, òun náà la sì fi ń pe èèyàn wá sí àsè ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju yíya àwòrán gan-an lọ. Àwòrán á fi ojú èèyàn hàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ fún onítọ̀hún bóyá a rí i.

Orí pápá niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ẹbí kan náà ni gbogbo obìnrin máa ń wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí náà kò ní í ṣàǹfààní tí mo bá kọ sínú ìwé mi pé “aláṣọ àwọ̀ ewé.” Ohun tí kò bá ara mu ni mo ń kọ: awò ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, fìlà tí wọ́n gẹ̀ sápá òsì. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán kan tán, mo máa ń tọ ẹni kọ̀ọ̀kan lọ, kí n bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín?” Mo máa ń béèrè oyè náà, torí ẹni tó jẹ olóyè tí a kọ “Ọ̀gbẹ́ni” sí iwájú orúkọ rẹ̀ kò ní í bínú síta, àmọ́ kò ní í wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nílé, mo máa ń ka orí tó wà nínú àwòrán, kí n ka orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí orí bá jẹ́ méje tí orúkọ sì jẹ́ mẹ́fà, ìpè fóònù ló kàn. “Àti àwọn mìíràn” kì í jáde láti ọwọ́ mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Oríta ni Ore. Ọ̀nà tó ti Ṣàgámù wá sí Bìní gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ la sì ti ń yà lọ sí Òǹdó àti Òkìtìpupa. Ará Ikálẹ̀, ará Òǹdó, Ìlàjẹ, Ùròbò àti Ìgbò jọ ń gbé ládùúgbò kan náà. Mo kọ “àwọn àlejò wa” sí abẹ́ àwòrán tábìlì kan lọ́dún kan. Ìyá kan tó jẹ́ Ùròbò, tó ń ta epo pupa lọ́jà wa, wà nínú wọn. Ó mú ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ náà. “Ọmọ mi, ọdún kẹtàlélógún mi rèé ní Ore. Ìgbà wo ni mo fẹ́ di onílé?” Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwòrán kan bá mi tí ìyá náà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú alága, bàbá kan tó ní ilé ìlagi, àti tọkọtaya tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Akọ̀wé ti kọ tirẹ̀: “Alága, onígbọ̀wọ́ àti àwọn àlejò níbi àsè wa.” Mo tú u ká. Èyí tí a tẹ̀ rèé, orúkọ nìkan ni mo yọ níbí: “Láti òsì sí ọ̀tún: alága, ìyá tó fún wa ní epo tí a fi se ọbẹ̀ alẹ́ náà, bàbá tó gbé pákó àfàrà wá fún òrùlé kíláàsì, àti tíṣà méjì tó kó dé àdúgbò wa lóṣù kẹsàn-án.” Ọwọ́ òsì ẹni tó ń wo ìwé ni mo ń pè ní òsì o, kì í ṣe ti ẹni tó dúró.

Ẹ ó rí i pé iye owó kò sí níbẹ̀. Rìsíìtì ló ni iye owó. Ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún kan náírà àti ẹni tó dá mílíọ̀nù kan jọ jókòó sí tábìlì kan náà, n kò sì fẹ́ kí ìwé wa tú wọn ká. Bí owó bá jẹ́ ìlérí, mo máa ń kọ “ó ṣèlérí”, ọjọ́ tó bá wọlé ni mo tó ń kọ “ó san.” Onígbọ̀wọ́ kan fẹ́ kí n pa méjèèjì pọ̀, n kò gbà.

Abẹ́ àwòrán tó gbẹ̀yìn, ti àga òfìfo àti abọ́ tí wọ́n ti fọ̀, ni mo máa ń kọ ti ẹni tí kò mọ̀ wá sí: “Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù là ń ṣèpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ń gbé àdúgbò yìí, ẹ wá, ìbáà jẹ́ àná lẹ dé.” Àwọn tíṣà méjèèjì yẹn ló há ìwé ọdún yìí káàkiri.