Ìbọ̀sẹ̀ Wúlù Nínú Ooru Bàrígà

Bàrígà fara ti ọ̀sà, àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn sì ń gbé etí omi ibẹ̀. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹja tó ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ Bàrígà àti Ṣómólú, òkun ọ̀nà jíjìn ló ti wá: Títù, Kòtè, Ṣáwá, Pánlá. Inú páálí ni wọ́n ń dì í sí, páálí kan sì sábà máa ń wọn 20 kílò. Kóòdù rúùmù ni ilé rẹ̀ títí ìyá ẹlẹ́ja yóò fi dé láàárọ̀, tí yóò ní, "Ọmọ mi, bá mi gbé Kòtè méjì, má gbé èyí tó ti yọ́ fún mi o." Kí ẹja má bàa yọ́, òtútù inú yàrá náà gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ní ìta, ooru lè tó 30 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń rán níṣẹ́ yìí ló ń wọlé, tó ń jáde láàárín méjèèjì láti òwúrọ̀. Ohun tó wọ̀ ni mo fẹ́ kí a wò, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ yàrá náà ti tutù tipẹ́, kì í sì í yéé fa ooru lára ẹni tó bá dúró lé e. Ẹni tó ń gbé ẹrù ṣì ń rí ooru láti inú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dúró sójú kan, tó ń ka páálí, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, òun ni ìyà ń jẹ jù. Ohun àkọ́kọ́ tó lè gbà á sílẹ̀ kì í náni lówó: kí ó dúró lórí pákó, tàbí lórí páálí òfìfo tí wọ́n tò lé ara wọn ní ìpele mẹ́ta mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín páálí kì í jẹ́ kí ooru ẹsẹ̀ tètè sá lọ.

Réènì búùtù ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀. Mi ò ní bú u: omi ẹja kì í wọ inú rẹ̀, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà lásán ni, òtútù ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ike ṣe a sì máa gan nínú òtútù títí wọn yóò fi sán níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́po. Búùtù tí wọ́n dìídì ṣe fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e. Títóbi rẹ̀ á mú kéèyàn rò pé ó wúwo, àmọ́ fúyẹ́fúyẹ́ ni, nítorí fóòmù ni ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì kún àwọn ihò tíntìntín inú fóòmù náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, kì í sì í gan bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà CI lára rẹ̀, wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò nínú òtútù ìwọ̀n 17 lábẹ́ òdo fún 30 ìṣẹ́jú, ooru ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì wálẹ̀ ju ìwọ̀n 10 lọ. 30 ìṣẹ́jú la wí o, a kò wí pé láti àárọ̀ di alẹ́.

Ìbọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹrù yìí. Èyí tó dára jù lè wà nínú bélù òkìríkà, ìbọ̀sẹ̀ wúlù gígùn tí ẹnìkan ti wọ̀ rí ní ilẹ̀ oníyìnyín, tí wọ́n jù sábẹ́ àwọn ìbọ̀sẹ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí àwọn ọmọ Èkó ń dù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó nípọn ni wúlù. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kí ẹ fi iná kàn án. Bí ó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì rún di eérú lọ́wọ́ yín, wúlù ni. Bí ó bá yọ́, tó dì sí kókó líle, ọ̀rá ni. Bí ó bá jó bí ìwé, òwú ni, ẹ dá a padà.

Ẹ̀ṣẹ̀ òwú kò ju pé ó ń mu òógùn, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ara. Omi ń gbé ooru kúrò lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e. Wúlù náà ń mu òógùn, ó lè fà tó ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ ká, kò sì ní tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ ṣì ń rí ibi sá pamọ́ sí láàárín rẹ̀.

Òógùn yìí gan-an ni ọ̀tá tó ń gba ẹ̀yìn wọlé fún ará Èkó. Ẹni tó bá ti ilé wọ ìbọ̀sẹ̀ nípọn àti búùtù, tó gun kẹ̀kẹ́ láti Fádéyí dé Bàrígà nínú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù kí ó tó rí ilẹ̀kùn kóòdù rúùmù. Sálúbàtà ni kí ó wọ̀ wá. Lẹ́nu ọ̀nà ni kí ó ti nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó sì ní òmíràn gbígbẹ nínú báàgì fún ọ̀sán. Ẹyọ kan tó nípọn ti tó. Ẹni tó bá fi méjì há inú búùtù tó fún un ti fún afẹ́fẹ́ jáde, ó sì ti dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà àtidé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Kí ó ra búùtù tó fi nọ́ńbà kan ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ọmọ ìka máa jó nínú rẹ̀.

Òfin kan náà ló wà fún ara òkè. Aṣọ tó kan ara kó jẹ́ pọlísítà fẹ́lẹ́ tàbí wúlù, kí ó má jẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú. Súwẹ́tà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn fáànù kò lè gbà kọjá. Nígbà tó bá ń gbé páálí, kó ṣí síìpù. Nígbà tó bá dúró, kó pa á dé. Tó bá sì jáde wá bá oníbàárà ná ọjà, kó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀, ì báà wù ú kí àwọn ọmọge òpópónà rí i nínú rẹ̀. Òógùn tó bá là níbẹ̀ ni yóò gbé padà sínú òtútù.

Lálẹ́, búùtù nílò gbígbẹ. Ṣómólú ni ìlú àwọn onítẹ̀wé, àjákù bébà kò sì wọ́n níbẹ̀. Ẹ rún un sínú búùtù dé orí ìka, kí ẹ fà á jáde láàárọ̀. Bébà tó ń dán kò wúlò, kì í mu omi; bébà ìwé ìròyìn àti ti ìwé ọmọ ilé ìwé ló ń fa omi.

Bí ọmọ ìka bá ń ta, tó ń dun ènìyàn, ara ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ìrora bá dákẹ́ nígbà tí ẹni náà ṣì wà nínú òtútù ni kó sáré jáde. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àmì pé òtútù ti ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ kì í tètè hàn. Kí ó fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì, kí ó wo èyí tó ṣá tàbí tó le. Kí ó má ṣe nà án síná, kí ó má fi ọwọ́ ra á, nítorí ẹsẹ̀ tó kú tipiri kì í mọ̀ pé òun ń jóná. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kó tì í bọ̀. Bí kò bá sọjí, tàbí tó léròrò, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ̀yin tó ni kóòdù rúùmù, ẹ ra búùtù tòótọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì fún wọn ní bẹ́ǹṣì tí wọn yóò máa jókòó sí ní ìta láàárín iṣẹ́.