Ìwé Ìpè Tí Kò Rú Olùwáṣẹ́ Lójú

Mo gbóríyìn fún akọ̀wé tó mọ bí a ṣe ń tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá kọ. Ẹ wo irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọ̀gá kan ní Ìkẹjà lè fi ránṣẹ́: “Jẹ́ kí àwọn gàyì yẹn já wá sí ọ́fíìsì Túsìdeè, bíi tẹ́ìn. Kí wọ́n kó pépà wọn dání. Kò sí sítórì o.”

Akọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í méfò. Á kọ́kọ́ bi ọ̀gá pé: Ìṣẹ́gun wo? Ọ́fíìsì Ìkẹjà ni àbí ti Àpápá? Ìwé wo gan-an lẹ fẹ́ rí? Lẹ́yìn ìdáhùn ni á tó kọ ọ́ báyìí:

“A pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹfà, 2026, ní agogo 10 àárọ̀, ní ọ́fíìsì wa ní Òpópónà Tóyìn, Ìkẹjà, àjà kejì. Ẹ mú ojúlówó àti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ìwé ẹ̀rí yunifásítì àti ti ìsìnrú ìlú yín dání, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀.”

Ẹ kíyè sí i pé ó kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀: bí ọ̀kan bá ṣì, èkejì á tú u fó. Ojúlówó ni wọn ó yẹ̀ wò, ẹ̀dà ni wọn ó gbà sílẹ̀. Ẹni tí a kò sọ fún lè mú ẹ̀dà nìkan wá, kí wọ́n sì dá a padà. “Kò sí sítórì” kò sí níbẹ̀ mọ́, agogo 10 ti sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.