Lẹ́tà tàbí Sílébù: Ewì Orúkọ Níbi Ìfọmọ-fún-Olúwa ní Ìkẹjà àti Agége

Ewì orúkọ ni àdúrà tí lẹ́tà orúkọ ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi ojú tọ orí ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò rí orúkọ náà kà. Ní Ìkẹjà, Ògbà àti Agége, inú ìwé ètò ìsìn ni a ti ń bá a pàdé, pàápàá nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi àti àwọn ìjọ mìíràn tí kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, tó jẹ́ pé fífi ọmọ fún Olúwa ni wọ́n ń ṣe. Bí àlùfáà bá ti gbé ọmọ sókè, tó gbàdúrà tán, ọ̀kan nínú ẹbí á bọ́ síwájú, á ka ewì náà, ìjọ á sì máa ṣe “Àmín” ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn onílámèyítọ́ kan ti lé ewì yìí sẹ́yìn pé eré ọmọ iléèwé ni, pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a. Ẹjọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orin Dáfídì ìkọkàndínlọ́gọ́fà tí wọ́n ń kà nínú ìjọ kan náà, irú ewì bẹ́ẹ̀ ni lédè Hébérù: lẹ́tà méjìlélógún ni èdè náà ní, ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí orin náà fi ní ẹsẹ 176. Ìtumọ̀ Yorùbá kò lè gbé ètò yìí jáde, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn alárìíwísí yìí rí i. Kò tiẹ̀ yẹ kí ibi tí ewì ti wá gba àkókò ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni bóyá lẹ́tà tó gbé Hébérù dúró lè gbé Yorùbá dúró.

Àpẹẹrẹ tí a kọ fún àlàyé yìí, lórí orúkọ Ayọ̀mídé, fi bí èyí tó wọ́pọ̀ ṣe máa ń rí hàn:

Alábùkún ni ọ́;
Yóò dára fún ọ;
Olúwa wà pẹ̀lú rẹ;
Mímọ́ ni Ọlọ́run;
Ìbùkún ni tìrẹ;
Dáadáa ni yóò rí;
Ẹ̀mí rẹ yóò gùn.

Lójú ẹni tó ń kánjú, orúkọ náà pé. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta, tó yẹ kó jẹ́ Ọ, O ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà keje, tó yẹ kó jẹ́ E, Ẹ ló fi bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ìlà kì í ṣe ti ọmọ náà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ńlá tẹ orúkọ láìfi àmì sí i ló ń fa àṣìṣe yìí: òǹkọ̀wé rí AYOMIDE lójú fóònù, ó sì kọ ewì fún ohun tó rí. Ìpàdé tó wáyé ní Èkó lọ́dún 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni O, ọ̀tọ̀ ni Ọ. Ẹni tó bá ń tẹ ìwé ètò ìsìn, ó yẹ kó bèèrè àmì orúkọ lọ́wọ́ ìyá ọmọ kó tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́.

Àléébù kejì ni ìlà kẹrin. Ìyìn ni, kì í ṣe àdúrà fún ọmọ náà. Ìjọ tó ti múra àtiṣe “Àmín” yóò dákẹ́ díẹ̀, tàbí kí wọ́n ṣe é láìnídìí. Àléébù kẹta ló wúwo jù: bí a bá yọ orúkọ Ayọ̀mídé kúrò, kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó mọ̀ pé òun ni a ń bá sọ̀rọ̀. Gbé wọn lọ fún ọmọ mìíràn, wọn yóò bá a mu bákan náà. Etí kò gbọ́ orúkọ rárá. Ojú nìkan ló rí i, ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò sì ní ìwé náà lọ́wọ́.

Àdúrà ìsọmọlórúkọ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí àgbà bá mú obì dání, ìró orúkọ obì ni yóò fa ọ̀rọ̀ àdúrà jáde. Sílébù ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn orí rẹ̀. Bí a bá fi ọ̀nà yìí pín orúkọ, A-yọ̀-mí-dé di ìlà mẹ́rin:

Ayé tó wá, Baba, má jẹ́ kó nira fún un;
Yọ̀ǹda ọgbọ́n fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé;
Mí èémí rẹ sí i lọ́jọ́ tí àárẹ̀ bá dé;
Dé e ládé lójú àwọn tó bá a dúpẹ́ lónìí.

Ohùn àárín ló wà lórí A, ohùn ìsàlẹ̀ lórí yọ̀, ohùn òkè lórí mí àti dé, gẹ́lẹ́ bí orúkọ ṣe rí lẹ́nu ẹni tó ń pè é. Mí tó wà nínú orúkọ kì í ṣe mímí, dé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe dídé adé. Ìyípadà yìí gan-an ni irú ọgbọ́n tí àgbà fi ń gba àdúrà pẹ̀lú obì. Gbogbo ìlà ló sì parí sórí ohun tí ènìyàn lè ṣe “Àmín” sí.

Orúkọ tó tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere ni Ìbùkún. Ẹni tó bá tò ó ní lẹ́tà yóò dé orí U lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó fi U bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sá lọ sí ẹ̀ka-èdè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé. Ó dára bí òbí bá wá láti ibẹ̀. Bí wọn kò bá wá láti ibẹ̀, ìlà náà á dún bí ẹni tó ṣìnà. N tó gbẹ̀yìn kò tilẹ̀ ní ìró tirẹ̀; imú ló fi ń ran U lọ́wọ́. Hébérù kò ní ìṣòro yìí, nítorí kọ́ńsónáǹtì ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀. Sílébù mẹ́ta ni Ìbùkún ní:

Ìgbà tí yóò lò láyé, Olúwa, jẹ́ kó tutù;
Bù fún un nínú ọgbọ́n rẹ tí kì í tán;
Kún òbí rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè tọ́ ọ dàgbà.

Ìlà kẹta ló dára jù. Àwọn òbí tó dúró níwájú pẹpẹ ló wọ inú àdúrà ọmọ wọn, láìjẹ́ pé a fi ipá mú ọ̀rọ̀ náà wọlé.

Ọ̀nà sílébù náà ní ibi tó mọ. Fáwẹ̀lì olóhùn òkè kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá àjùmọ̀lò, nítorí náà í tó wà láàárín Táíwò kò lè dá ìlà ní. Táí ni kí a gbé sórí ìlà kan, kí wò gba èkejì, kí ewì ìbejì náà sì kúrú. Un tó parí Olúwaṣeun gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú ṣe, nítorí fáwẹ̀lì aránmúpè náà kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Nínú ilé tí orúkọ gbogbo ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olúwa, ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò máa jọra láti orí ọmọ kan dé èkejì bí òǹkọ̀wé kò bá ṣọ́ra. Níbẹ̀, ó sàn kí a gbé Olúwa odindi sórí ìlà kan ṣoṣo, kí a wá lo agbára ewì lórí ìyókù orúkọ, tí í ṣe ti ọmọ náà nìkan.